Rédíò tí mo yàn fún àwọn sẹ́ńsọ̀ bátìrì nínú ilé alámọ̀ wa ní Òṣogbo

Owó tí mo ná lórí sẹ́ńsọ̀ tó ń lo rédíò Zigbee àti àwọn pílọ́ọ̀gì tí wọ́n ní kí n rà mọ́ wọn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ mí lógún jù: bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí fíríísà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kí sẹ́ńsọ̀ ké sí wa kí ẹja tó bàjẹ́. Ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà, títọ́ọ̀sì àti kótè, ẹ̀yìn ilé wa sì ni fíríísà náà wà. Nígbà tí iná bá wà, sẹ́ńsọ̀ ń ròyìn dáadáa. Bí iná bá ti lọ báyìí, òun náà á panu mọ́. Ohun tí a rà nítorí àìsí iná, àìsí iná ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Rédíò LoRa ni mo padà yàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ilé náà kò tóbi: yàrá méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, ilé ìdáná àti yàrá fíríísà lẹ́yìn. Bàbá tó bí bàbá wa ló kọ́ ọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ nípọn tó 40 sẹ̀ńtímítà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Láti pálọ̀ tí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba ìròyìn wà, ìgbì rédíò ní láti la ògiri mẹ́ta kọjá kó tó kan fíríísà. Wáífáì, Bulutúùtù àti Zigbee, orí 2.4 GHz ni gbogbo wọn wà, omi inú ògiri amọ̀ sì máa ń gbé ìgbì yẹn mì. Nígbà òjò, tí ògiri bá ti mu omi, ó tún burú sí i.

Wáífáì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mi ò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Kí sẹ́ńsọ̀ Wáífáì tó sọ gbólóhùn kan, ó ní láti jí, kó wá rútà, kó wọlé, kó gba àdírẹ́ẹ̀sì. Èyí máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ESP8266, ṣípù Wáífáì inú irú wọn, yóò sì máa fa bíi 70 mA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ògiri bá wá ń dí i, á tún máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bátìrì kékeré kò lè gba ìyà yẹn pẹ́.

Bí mo ṣe kan Zigbee nìyẹn. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ògiri. Àwọ̀n ni Zigbee. Ẹ ṣáà ki pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Nínú Zigbee, ohun tó bá ń jẹ iná ojúlé nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Sẹ́ńsọ̀ bátìrì kì í gbé ti ẹnikẹ́ni. Á jí, á sọ tirẹ̀ fún pílọ́ọ̀gì kan tó fi ṣe òbí, á tún padà sùn. Bí òbí yẹn bá kú, sẹ́ńsọ̀ ti di ọmọ òrukàn títí yóò fi rí ẹlòmíràn.

Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi, ibẹ̀ ni mo sì ti jìyà jù. Sẹ́ńsọ̀ fíríísà á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, bó bá dọ̀sán, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní Wáífáì ló ń dí i lọ́wọ́. Zigbee ní ojú ọ̀nà láti 11 dé 26, Wáífáì wa wà lórí 1, èyí tó gun orí 11 ti Zigbee lóòótọ́. Mo gbé Zigbee lọ sí 25, ni mo bá ní láti so gbogbo sẹ́ńsọ̀ pọ̀ ní tuntun, tí mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríísà tí mò ń fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò. Ojú ọ̀nà mọ́, sẹ́ńsọ̀ tún sọnù. Ó ní kí n fi wáyà gígùn gbé ohun ìgbàròyìn jìnnà sí kọ̀ǹpútà, torí ihò yúúèsìbì máa ń pariwo sí rédíò lára. Òótọ́ ni, `linkquality`, òǹkà tó ń sọ bí ìgbì ṣe dára tó, gòkè. Sẹ́ńsọ̀ kò yé sọnù. Ó wá ní kí n ra pílọ́ọ̀gì sí i. Mo rà á. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, wọ́n ní, "Bàbá Ayọ̀, owó ẹja mà ń tán lọ sórí pílọ́ọ̀gì o."

Bébà àti bírò ló yọ mí. Mo ń kọ àkókò tí iná lọ àti àkókò tó dé sílẹ̀, mo sì kọ `last_seen`, ìyẹn ìgbà tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí Zigbee2MQTT, ètò orí kọ̀ǹpútà náà, ń fi hàn fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná lọ ní 1:20, 1:14 ni fíríísà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Iná lọ ní 7:05 lálẹ́, 6:58 ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Sẹ́ńsọ̀ inú pálọ̀ nìkan ni kò sọnù, torí pé kò nílò pílọ́ọ̀gì kankan láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Nígbà tí iná bá sì dé, àwọn kan á padà fúnra wọn, àwọn kan kò ní padà àfi bí mo bá lọ tẹ bọ́tìnnì wọn. Bátìrì CR2032 inú wọn náà ń tán kíá, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tó pàdánù òbí á máa káàkiri ojú ọ̀nà rédíò tó ń wá òmíràn, ìyẹn sì ń jẹ bátìrì gan-an ju sísùn lọ. Bí tiyín bá ń ṣe báyìí, ẹ kọ àkókò iná sílẹ̀ kí ẹ tó náwó kankan sí i.

Ẹlòmíràn á ní kí n so pílọ́ọ̀gì mọ́ ínfátà. Pálọ̀ nìkan ni ínfátà wa ń gbé. Kí wáyà rẹ̀ tó dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní láti lu ògiri amọ̀, iye tí oníṣẹ́ iná sì pè é ju owó gbogbo sẹ́ńsọ̀ lọ. Thread, àwọ̀n rédíò mìíràn bíi Zigbee, kò yí nǹkan padà: orí 2.4 GHz ni òun náà wà, ohun tó ń jẹ iná ló sì ń bá sẹ́ńsọ̀ bátìrì gbé ọ̀rọ̀.

Ohun tó bá ilé wa mu ni rédíò tí kò nílò alágbàsọ láàárín rárá. Mo yan LoRa lórí 433 MHz, pẹ̀lú ṣípù rédíò SX1278. Oko àti ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ LoRa mọ́, ṣùgbọ́n ògiri ni tèmi. Ìgbì 433 MHz gùn tó 69 sẹ̀ńtímítà, ti 2.4 GHz kò ju bíi 12 lọ, èyí tó gùn sì máa ń la amọ̀ kọjá láìpàdánù tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí LoRa mú. A máa ń fi dBm wọn agbára ìgbì, bó bá ṣe rẹlẹ̀ sí ni ohùn ṣe kéré sí. Zigbee tó dára ń gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ dé bíi -100 dBm, LoRa lórí SF7 ń gbọ́ dé bíi -123. SF ni ìwọ̀n bí LoRa ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó. Ohùn tó fi nǹkan bí ìlọ́po 200 kéré sí ti Zigbee, yóò gbọ́ ọ.

Kí n tó jó ohunkóhun pọ̀, mo gbé afiránṣẹ́ kan káàkiri ilé, agbàròyìn wà ní pálọ̀, ó ń tẹ ìlà yìí jáde:

```
Serial.print(LoRa.packetRssi());
Serial.print(" ");
Serial.println(LoRa.packetSnr());
```

Nínú pálọ̀, mo rí -48. Ní ilé ìdáná, -83. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríísà, -97, SNR, ìyẹn bí ohùn ṣe ga ju ariwo lọ, sì jẹ́ 9. Mo dúró de òjò ńlá kan kí n tó tún un wò: -101. SF7 lè ka ọ̀rọ̀ títí SNR yóò fi dé -7.5, nítorí náà àyè ṣì pọ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá wò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń lo LoRa ti ń fi bátìrì ṣòfò ni SF yìí. Wọ́n á gbé e sí 12 kó lè lọ jìnnà. Ọ̀rọ̀ báìtì mẹ́wàá lórí SF7 ń lo nǹkan bí 41 mílísẹ́kọ̀ńdì ní afẹ́fẹ́, lórí SF12 ó ń lo bíi 990. Bí rédíò bá ń fa 90 mA nígbà tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, SF7 á jẹ nǹkan bí 0.15 mAh lójúmọ́, SF12 á jẹ 3.6. Nínú bátìrì 2000 mAh, SF12 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán an láàárín ọdún kan àbọ̀. Ti SF7, bátìrì á gbó fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ tó tán an. Ohun tí mo fi sínú afiránṣẹ́ nìyí:

```
LoRa.begin(433E6);
LoRa.setSpreadingFactor(7);
LoRa.setTxPower(10);
LoRa.enableCrc();
```

Agbára 10 dBm, ìyẹn 10 mW, ti tó wa. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbàgbé `LoRa.sleep()`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rédíò á wà lójúfò.

Síso wáyà pọ̀ kò le, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. Àmọ́ iná pupa kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù Arduino Pro Mini (ti 3.3 V ni kí ẹ rà) máa ń jẹ ju gbogbo ohun tó kù lọ nígbà tó bá ń sùn. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ hó o kúrò, mo yọ régúlétọ̀ orí rẹ̀ náà, mo fi MCP1700 rọ́pò rẹ̀, bátìrì AA mẹ́ta ló sì ń gbé e. Fún áńtẹ́nà, mo gé wáyà bàbà sí 17.3 sẹ̀ńtímítà, tó dúró ṣánṣán. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á, torí ti 868 MHz jọ ti 433 bí ìbejì, áńtẹ́nà ọ̀kan kò sì bá èkejì mu.

Ẹ má gbé rédíò sínú fíríísà. Irin ni ara rẹ̀, á dí ìgbì, òtútù náà á sì sọ bátìrì di ọ̀lẹ. Orí sẹ́ńsọ̀ òtútù DS18B20 nìkan ló wà nínú, wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn jáde, àpótí afiránṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri níta.

Àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó wà. Ẹ ò lè rí irú èyí rà ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ kàn tò ó, ẹ ní láti fọwọ́ jó o. Bí mo ṣe kọ ọ́, kò sí ẹni tó ń dáhùn pé òun gbọ́, nítorí náà agbàròyìn ló ń ṣọ́ ọ: bí ó bá pé ìṣẹ́jú 35 láìgbọ́ ohùn fíríísà, á ké, bó ti ń ké nígbà tí fíríísà bá gòkè kọjá -10 °C. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní SX1278 lágbègbè lè gbọ́ bí ẹja ṣe tutù tó, ìyẹn kò kan mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí orí rẹ̀ títí n ó fi kọ AES tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí i. Agbàròyìn náà wà lórí ínfátà pálọ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ Zigbee tó wà nínú pálọ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Àwọn pílọ́ọ̀gì wà nínú páálí. Ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ lè bá mi rà wọ́n.