Bí a ṣe ń yọ láísósáìmù nínú funfun ẹyin: rẹ́síìnì, pH bọ́fà àti iyọ̀ tó ń ga díẹ̀díẹ̀

Ẹyin ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìkòròdú níṣẹ́ yìí, torí ẹyin tí a rà ní Sábó láàárọ̀ ti lè wà lórí tábìlì wa kí oòrùn tó mú. Funfun ẹyin kan máa ń tó nǹkan bíi mílílítà 30. Nínú gíráàmù 100 purotéènì tó wà nínú funfun ẹyin, láísósáìmù kò ju bíi gíráàmù 3 àbọ̀ lọ. Òun ló máa ń fọ́ ara bakitéríà tó bá fẹ́ ba ẹyin jẹ́. Ofalibúmìnì nìkan kó ju ìdajì lọ, ofotiransiférìnì sì tẹ̀ lé e. Díẹ̀ yẹn la fẹ́ mú, kí ọ̀pọ̀ yòókù máa lọ.

Kí a tó fọwọ́ kan ẹyin, ẹ jẹ́ ká yan rẹ́síìnì, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tí purotéènì máa lẹ̀ mọ́, àti pH, ìyẹn bí bọ́fà tí a fi pò ó ṣe kan tó, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń yọrí tàbí ti ń bàjẹ́. Gbogbo purotéènì ló ní pH kan tí iná ara rẹ̀ ti dọ́gba. Bí bọ́fà bá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, purotéènì á gbé iná àròpọ̀ (+); bí kò bá kan tó bẹ́ẹ̀, á gbé iná àyọkúrò (−). Ti ofalibúmìnì wà ní nǹkan bíi pH 4.5, ti ofotiransiférìnì wà ní nǹkan bíi 6.1, ti láísósáìmù sì lọ jìnnà réré sí nǹkan bíi 10.7. Àlàfo ńlá tó wà láàárín 6.1 sí 10.7 yìí la máa lò. Bí a bá fi bọ́fà sí pH 7.5, láísósáìmù á gbé àròpọ̀, àwọn méjì yòókù á gbé àyọkúrò.

Rẹ́síìnì tí ara rẹ̀ jẹ́ àyọkúrò la nílò nígbà náà, èyí tí wọ́n kọ CM tàbí SP sára ìgò rẹ̀. Ìgò tí wọ́n kọ DEAE tàbí Q sí ń mú àwọn tó gbé àyọkúrò. Ìyẹn á kún fún ofalibúmìnì, láísósáìmù á sì ṣàn kọjá pẹ̀lú ìdọ̀tí yòókù tí kò lẹ̀. Èmi fẹ́ràn CM fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í di láísósáìmù mú le jù, iyọ̀ díẹ̀ sì tó láti tú u sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò lo pH 5, nígbà tí láísósáìmù á gbé àròpọ̀ púpọ̀ sí i níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ofotiransiférìnì náà á ti gbé àròpọ̀ ní pH 5, á sì jókòó sórí rẹ́síìnì pẹ̀lú rẹ̀. Ní pH 10 ẹ̀wẹ̀, iná láísósáìmù ti fẹ́ tán, kò ní dì mọ́ nǹkan dáadáa.

Fọ́sífeètì ni mo ń fi ṣe bọ́fà náà, kì í ṣe Tírìsì. Iná fọ́sífeètì jọ ti rẹ́síìnì wa, nítorí náà kì í bá purotéènì du àyè. Pẹ̀lú ìyẹn, pH Tírìsì máa ń lọ sílẹ̀ bí ooru bá ń pọ̀. Láàárín ooru Ìkòròdú àti òtútù fìríìjì, pH tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ máa lò lọ́sàn-án. Fọ́sífeètì kì í yí pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún lítà kan, ẹ wọn gíráàmù 2.4 sódíọ̀mù fọ́sífeètì gbígbẹ, ìyẹn NaH2PO4, kí ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 2.9 sí i. Ẹ da omi sí i kó fẹ́ẹ̀ tó lítà, kí ẹ fi NaOH gbé pH rẹ̀ dé 7.5, kí ẹ tó fi omi kún un. Bọ́fà A nìyẹn. Bọ́fà B jẹ́ bákan náà, àfi pé iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 29.2. Ẹ fi iyọ̀ sí i *kí ẹ tó* wọn pH, torí iyọ̀ púpọ̀ máa ń fa pH fọ́sífeètì sílẹ̀.

Ẹ fọ́ ẹyin náà, ẹ yọ pupa rẹ̀ kúrò, kí ẹ rọra da mílílítà 120 bọ́fà A sí funfun rẹ̀. Ẹ rò ó jẹ́ẹ́, ẹ má lù ú kó hó, nítorí inú ìfófòó ni purotéènì ti ń bàjẹ́. Ẹ máa rí okùn funfun tó ń yọ jáde nínú omi. Ofomúsìnì ni. Ìdí tí iyọ̀ díẹ̀ fi wà nínú bọ́fà A nìyí: nínú omi tí kò ní iyọ̀, láísósáìmù máa ń lẹ̀ mọ́ ofomúsìnì, ẹ sì máa dà á nù láìmọ̀. Ẹ yí i nínú ẹ̀rọ sẹntirifúùjì, kí ẹ sẹ́ omi tó mọ́.

Rẹ́síìnì mílílítà 5 ló tó nínú kọ́lọ́ọ̀mù, ìyẹn ọ̀pá tí omi máa ṣàn gbà kọjá. Ẹ fi bọ́fà A fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ wá jẹ́ kí omi ẹyin rọra kọjá. Ẹ pa ohun tó kọjá mọ́, a máa padà sí i. Ẹ fi mílílítà 50 bọ́fà A ṣan kọ́lọ́ọ̀mù títí omi tó ń jáde kò fi ní gba ìmọ́lẹ̀ 280 nm mọ́ra mọ́.

Iyọ̀ wá kàn. Kò sí ẹ̀rọ ńlá tó ń pò ó fún wa. Kọ́ọ̀pù méjì tí ìtóbi wọn dọ́gba, tí a fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so nísàlẹ̀, la fi ń ṣe é. Mílílítà 50 bọ́fà A wà nínú kọ́ọ̀pù tó ń ṣàn sí kọ́lọ́ọ̀mù, òun la ń rò. Mílílítà 50 bọ́fà B wà nínú èkejì. Bí omi ṣe ń jáde nínú ti àkọ́kọ́, ti èkejì ń wọlé láti rọ́pò rẹ̀, iyọ̀ á sì máa gòkè ní ìwọ̀n dídọ́gba láti 50 dé 500 mílímólà. Iyọ̀ wọ̀nyí ló ń bá láísósáìmù du àyè lórí rẹ́síìnì. Bí a bá sáré gbé e sókè, gbogbo nǹkan á jáde pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo mílílítà 100 fún rẹ́síìnì mílílítà 5.

Ní ọjọ́ kan, tíúbù ń kún ṣáá, kò sí láísósáìmù nínú ìkankan. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù méjèèjì, mo rí i pé ti àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, èkejì sì kún síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kékeré bí ẹyọ ìrẹsì ló dí ọ̀pá àárín. Láti ìgbà náà, mo máa ń kán àwọ̀ oúnjẹ pupa kan sínú bọ́fà B, kí n kọ́kọ́ fi dán kọ́ọ̀pù wò láìsí kọ́lọ́ọ̀mù. Bí pupa náà kò bá máa jinlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba mílílítà 2.5 sínú tíúbù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tí a ṣe gbẹ̀yìn lọ dáadáa, tíúbù 20 ló gba ìmọ́lẹ̀ 280 nm mọ́ra jù lọ. Mílílítà 50 ti jáde nígbà náà. Bí a bá yọ bíi 5 tó ṣì wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù, iyọ̀ tó tú u sílẹ̀ tó nǹkan bíi 250 mílímólà. A kó tíúbù 18 dé 22 pọ̀, mílílítà 12.5. A là á ní ìlọ́po 10, ó gba 1.32 mọ́ra ní 280 nm. Mílígíráàmù 1 láísósáìmù nínú mílílítà kan máa ń gba 2.64, nítorí náà tiwa jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan, bíi 62 lápapọ̀. Ẹyin yẹn lè ní nǹkan bíi 100.

Níbo ni ìyókù lọ? Ẹ mú omi tó kọjá tí ẹ pa mọ́, kí ẹ kán an sínú omi tó funfun nítorí bakitéríà Maikirokọ́kọ́ọ̀sì. Bí omi náà bá yára mọ́ kedere, láísósáìmù wà nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ rẹ́síìnì: bóyá iyọ̀ ti pọ̀ jù, bóyá rẹ́síìnì ti kún. Ẹ fi omi là á, kí ẹ tún un kọjá.

Lórí jẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe wúwo sí, ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kó yọ, níbi dáltọ́ọ̀nù 14,000. Bí òmíràn bá hàn lókè níbi 77,000, ofotiransiférìnì ló bá a rìn. Ẹ gbé pH dé 8 nígbà mìíràn, kí ẹ sì pẹ́ sí i lórí fífọ̀.