Ètò Ìlà Níbi Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́: Kí Ẹrù Tó Ń Kánjú Lọ Ṣáájú, Kí Èyí Tó Ti Pẹ́ Má Sì Sùn Síbẹ̀

Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní ìlú àti abúlé wa ní Èkìtì, àti àwọn ìdílé tó ń gbé ẹrù wá síbẹ̀, ni a kọ ìwé yìí fún. Ó kan ilé ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wà jù lọ, níbi tí wọ́n ti ń sún bẹ́líìtì láti ara ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ sí ara èyí tó ń lọ àgbàdo gbígbẹ àti èlùbọ́.

Bí a bá ní kí ẹni tó kọ́kọ́ dé máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀gẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí a bá ti hú ẹ̀gẹ́, àwọn ìlà dúdú bí aró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀, ibi tó ti kán tàbí tí àdá ti kàn án ni wọ́n sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ le, tí ìdí ẹ̀gẹ́ ń kán bí a ti ń fà á, ọgbẹ́ a máa pọ̀, ìbàjẹ́ a sì tètè dé. Èyí tí a ti bó tí a sì ti fọ̀ kò ní ìfaradà rárá, nítorí bí ó bá sùn nínú ike di ọjọ́ kejì, yóò ti máa yọ̀, yóò sì ti máa kan. Àgbàdo tó gbẹ dáadáa ní tirẹ̀ lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ewu.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ẹ̀rọ ló ń fi ẹ̀gẹ́ bíbó ṣáájú ohun gbogbo. Ó tọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìṣòro kejì ti ń wá. Ní àsìkò tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀, òmíràn yóò máa dé kí wọ́n tó rin èyí tó wà nílẹ̀ tán, ẹni tó gbé àpò àgbàdo wá ní àárọ̀ yóò sì máa wo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tán lọ sílé, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ ní tààrà, ètò náà ni kò ní òpin fún ìdúró rẹ̀. Bí àpò náà bá wá sùn sórí sìmẹ́ńtì tútù ní àsìkò òjò, tí ó sì tún sùn ní ọjọ́ kejì, nǹkan gbígbẹ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Ohun tí a gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ má kọ ipò sórí páálí tí ẹ ń so mọ́ ẹrù. Aago ni kí ẹ kọ. Bí ẹrù bá ti dé, kí akọ̀wé wo aago tó dé, kí ó sì fi ìwọ̀n ìdúró tó tọ́ sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kún un. Ẹ̀gẹ́ bíbó gba wákàtí 1. Ẹ̀gẹ́ tí a kò tíì bó ṣùgbọ́n tí a ti hú láti àná tàbí ṣáájú gba wákàtí 2, èyí tí a hú lónìí gba 4, nítorí pé àwọn olówó rẹ̀ yóò máa bó o nínú ilé ẹ̀rọ bí wọ́n ti ń dúró. Nǹkan gbígbẹ gba wákàtí 6. Aago tí ìṣirò náà bá bọ́ sí ni aago ẹrù. Nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ṣí sílẹ̀, ẹrù tí aago rẹ̀ bá ṣáájú jù ni kí ẹ gbé. Bí méjì bá bára dọ́gba, kí ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa aago tí a ti kọ rẹ́ láti kọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan ṣe é. Àpò àgbàdo kan dé ní aago 8 àárọ̀. Aago rẹ̀ jẹ́ 2 ọ̀sán. Láti aago 8 náà, ẹ̀gẹ́ bíbó kan ń dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni ẹ̀rọ sì ń lò lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gẹ́ tó dé ní aago 8 yóò gba aago 9, òun ni yóò ṣáájú; bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí dé orí èyí tó dé ní aago 12 ààbọ̀. Èyí tó bá dé ní aago 1 ọ̀sán yóò gba aago 2, ìyẹn ni pé òun àti àgbàdo dọ́gba, àgbàdo ló sì kọ́kọ́ dé. Àgbàdo gorí ẹ̀rọ nìyẹn, bí ẹ̀gẹ́ tilẹ̀ ń dé lọ́tùn-ún lósì. Kí nìdí? Nítorí pé ẹ̀gẹ́ bíbó tó bá dé lẹ́yìn aago 1 kò lè ní aago tó ṣáájú 2. Iye ẹni tó lè ré àgbàdo kọjá ti ní òpin láti ìgbà tí a ti kọ páálí rẹ̀.

Sísún bẹ́líìtì náà ń gba àkókò. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú 10 ní àlọ, tí ó sì gba 10 ní àbọ̀, ẹ̀gẹ́ aago 1 yẹn kò ní gorí ẹ̀rọ títí di aago 2 ku ìṣẹ́jú 10. Kò tíì pẹ́ jù, àmọ́ àyè tó kù kò tó nǹkan. Ẹ lè lọ àpò gbígbẹ kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ kí bẹ́líìtì má baà máa lọ máa bọ̀, kìkì bí kò bá ní mú kí aago ẹlòmíràn kọjá. Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, kò ṣeé ṣe.

Ní ti ẹrù tí ilẹ̀ ṣú bá, wákàtí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kí ẹ kà fún nǹkan gbígbẹ. Bí iṣẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8, tí ó sì ń parí ní aago 5, àgbàdo tó dé ní aago 2 ọ̀sán yóò gba aago 11 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í dáwọ́ bíbàjẹ́ dúró lóru: èyí tí a hú lánàá tó dé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ gba aago 6, bí kò bá sì ráyè kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, òun ni yóò ṣáájú láàárọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ mọ́ aago lórí páálí.

Kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa sọ pé ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n hú ẹ̀gẹ́ wọn. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ó mú ìdí ẹ̀gẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ àpò, kí ó gé wọn ní ìbú láàárín, kì í ṣe létí níbi tí ọgbẹ́ wà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, tí kò sí ìlà aró, ó ṣòro láti gbà pé ó ti pẹ́. Ohun tó le jù ni ti àwọn tí yóò lọ bó gbogbo ẹ̀gẹ́ wọn nílé kí wọ́n lè gba wákàtí 1. Lójú tèmi, ìwọ̀n ni kí ẹ fi dè é: páálí ẹ̀gẹ́ bíbó kan ṣoṣo fún ìdílé kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù, kí ẹ fún un ní wákàtí 4.

Ètò yìí kò lè mú kí ẹ̀rọ yára ju bí ó ti ń yára lọ. Bí ẹrù tí ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe, aago gbogbo ẹrù ni yóò máa kọjá, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára ẹrù tó wà níwájú. Bí aago rẹ̀ bá fi wákàtí kan kọjá lónìí, tí ó sì fi méjì tàbí mẹ́ta kọjá lọ́la, ẹ má wulẹ̀ yí ìwọ̀n ìdúró padà. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé tí kò tíì lọ sóko pé kí wọ́n má tíì hú ẹ̀gẹ́, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tó ti gbó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i láìbàjẹ́. Kí ẹ sì pín ọjọ́ híhú fún wọn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan títí ẹrù iwájú yóò fi tún máa gorí ẹ̀rọ kí aago rẹ̀ tó pé.