Bí mo ṣe yẹ owó líìfù tí mi ò lò wò nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀

Ojú ìwé kan péré ni ìṣirò owó ìkẹyìn tí ilé-iṣẹ́ mi n'Ìkẹjà fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún 2024, lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ìparí oṣù kẹjọ. Ìlà líìfù ni mo tẹjú mọ́ jù: ọjọ́ tó ṣẹ́kù 2.33, owó rẹ̀ ₦25,630. Ó kéré lójú mi, ni mo bá kó àwọn fọ́ọ̀mù líìfù mi àti ìwé owó oṣù mi jáde.

Ìwé òfin ilé-iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò lè gbé mi dé ibi tí mo ń lọ, torí ọjọ́ iṣẹ́ 6 péré ló ní kí wọ́n fún àgbàlagbà tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, kò sì ka àwọn tó wà nípò alákòóso kún un rárá. Ìwé tiwa ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 lọ́dún. Ó ní ẹni tó bá lọ láàárín ọdún á gba owó líìfù tí kò lò ní ìpín oṣù tó ṣe, lórí odindi owó oṣù rẹ̀. Ó tún ní líìfù tó ṣẹ́kù lọ́dún tó kọjá á jóná tí wọn ò bá lò ó di 31 oṣù kẹta.

Oṣù 8 ni mo ṣe nínú 12, nítorí náà ọjọ́ 13.33 ló tọ́ sí mi. Ohun tí àwọn náà kọ nìyẹn. Àmọ́ wọ́n ní mo ti lo ọjọ́ 11: 6 ní oṣù kejì, 5 ní oṣù kẹfà.

Mo wọnú ọdún 2024 pẹ̀lú ọjọ́ 4 tó ṣẹ́kù lára ti 2023. Nígbà tí mo lọ ìsinmi ní oṣù kejì, ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣì wà láàyè, àwọn ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ tán. Wọ́n yọ gbogbo ọjọ́ 6 náà lára ti ọdún tuntun, wọ́n wá jẹ́ kí 4 àtijọ́ jóná. Ti oṣù kẹfà ńkọ́? Ọjọ́ Ajé 10 sí ọjọ́ Ẹtì 14 ni fọ́ọ̀mù mi, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú 12 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa. Gbogbo ọ́fíìsì ló tì lọ́jọ́ náà, kò sì lè jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún èmi nìkan.

Ọ̀rọ̀ iye owó ọjọ́ kan ló wá dùn mí jù. ₦330,000 ni owó oṣù mi. Wọ́n pín in sí 30, ọjọ́ kan wá di ₦11,000. Ṣùgbọ́n lójú ìwé kan náà, wọ́n yọ owó ọjọ́ kan tí mi ò wá síṣẹ́ ní oṣù keje, ₦15,000 ni wọ́n sì yọ. Ìyẹn ni 330,000 tí wọ́n pín sí 22. Tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ wọ́n. Tí wọ́n bá ń fún mi, ọjọ́ pọ̀! Ká ní ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ń ka líìfù wa, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, 30 ì bá tọ̀nà. Ọjọ́ iṣẹ́ ni tiwa, 22 ló bá a mu.

```
13.33 - (6 - 4) - (5 - 1) = 7.33
330000 / 22 = 15000
7.33 x 15000 = 109950
```

Mo kó èyí sínú íméèlì, mo so àwọn fọ́ọ̀mù méjèèjì mọ́ ọn. Àǹtí tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí.

"Àbúrò, ṣebí o ti gba owó líìfù rẹ ní oṣù kìn-ín-ní?"

"Àláwáǹsì líìfù nìyẹn, mà. Gbogbo wa la gbà á, ẹni tó lọ ìsinmi àti ẹni tí ò lọ. Èyí tí mò ń béèrè ni owó ọjọ́ tí mi ò lò."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lóòótọ́ tó máa ń gba lára àláwáǹsì náà padà lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ kí ọdún tó parí, tí ìwé òfin wọn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí, kó má pa ọjọ́ líìfù rẹ́. Ìwé tiwa kò sọ ọ́.

Nínú ìṣirò kejì, wọ́n gba 22, wọ́n gba ọjọ́ 4 àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, àmọ́ wọ́n gé 7.33 sí 7. Mo dá èsì padà pé àwọn fúnra wọn ló kọ 13.33 sókè. Ẹ̀kẹta dé pẹ̀lú ₦109,950, owó orí tí wọ́n yọ lára rẹ̀ sì wà nílà tirẹ̀. Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí.