Bí a ṣe ń yẹ káàdì wò nígbà tí ẹni tó ń rajà wà lókè òkun

Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, owó tó ń wọlé fún àwọn aláṣọ òkè ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ti àwọn tó dúró níwájú wọn nìkan. Ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Houston á yan aṣọ lórí ìkànnì, á tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun ní Mọ́lípà. Ọlọ́jà ò rí káàdì, kò sì rí ẹni tó ni ín. Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n jí nọ́ńbà káàdì yẹn ni, olówó á fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ nígbà tó bá rí i, wọ́n á yọ owó náà padà lọ́wọ́ ọlọ́jà, aṣọ á sì ti lọ.

Ohun méjì ló wà tí ọlọ́jà fi lè yẹ irú owó bẹ́ẹ̀ wò: nọ́ńbà kékeré ẹ̀yìn káàdì tí à ń pè ní CVV, àti àyẹ̀wò àdírẹ́sì tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ bí AVS. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìkànnì yín ń béèrè CVV

Nọ́ńbà mẹ́ta ni lẹ́yìn Visa, Mastercard àti Verve. Ti American Express jẹ́ mẹ́rin, iwájú káàdì ló sì wà. Báńkì tó ṣe káàdì ló fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀ ṣírò rẹ̀ láti inú nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ tí káàdì máa parí. Kò sí nínú okùn dúdú ẹ̀yìn káàdì, kò sí nínú ṣíìpù. Nítorí náà, ẹni tó fi ẹ̀rọ jí ohun tó wà nínú okùn dúdú níbi POS tàbí ATM ò tíì rí i gbà.

Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ni pé ọlọ́jà ò gbọdọ̀ tọ́jú CVV lẹ́yìn tí báńkì bá ti fèsì. Kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà nìkan o. Àwọn kan máa ń ní kí oníbàárà ya àwòrán káàdì níwájú àti lẹ́yìn, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí àwọn bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe é rárá. Ẹni tó bá jí fóònù yín ti rí gbogbo rẹ̀ gbà nìyẹn.

Èsì tí ẹ máa rí ni M bó bá bára mu, N bí kò bá bára mu. Báńkì sábà máa ń kọ owó tó bá mú N wá, ṣùgbọ́n ó lè gbà á. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó pé kí wọ́n máa dá gbogbo N padà. Ẹ tún ní kí wọ́n fi òpin sí iye ìgbà tí èèyàn lè gbìyànjú, torí nọ́ńbà mẹ́ta ò ju ẹgbẹ̀rún kan ọ̀nà lọ, ẹ̀rọ olè sì lè tẹ gbogbo rẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀.

Ẹ kọ àyè àdírẹ́sì lọ́nà tó máa yé ọmọ Ìjẹ̀bú

Ibí ni wàhálà wa wà. AVS ò béèrè ibi tí ọjà ń lọ. Àdírẹ́sì tí báńkì fi ń mọ ẹni tó ni káàdì ló ń yẹ̀ wò. Kì í sì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: nọ́ńbà ilé àti ZIP, ìyẹn kóòdù ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, nìkan ló ń fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ báńkì. Bí ó bá jẹ́ káàdì London, nọ́ńbà inú kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n á fo lẹ́tà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ní Houston ń gbé nọ́ńbà 4218, ZIP rẹ̀ sì jẹ́ 77083. Ó fẹ́ ra ẹtù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ «Àdírẹ́sì» sí, ó rò pé ibi tí aṣọ ń lọ ni, ó wá tẹ nọ́ńbà 27 ní Mọ́lípà, kò sì tẹ ZIP kankan tó jẹ́ tirẹ̀. CVV mú M wá, AVS mú N wá. Olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, kò yàtọ̀ sí olè.

Ẹ pín àyè náà sí méjì, kí ẹ kọ ọ́ gbangba: «Àdírẹ́sì tí báńkì yín mọ̀ yín sí» àti «Ibi tí a máa gbé aṣọ lọ». Àwọn ìwé òkèèrè máa ń ní kí ọlọ́jà fura bí àdírẹ́sì méjèèjì bá yàtọ̀. Ní tiwa, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́; ká ra nǹkan fún ará ilé láti òkè òkun gan-an ni òwò náà.

Ẹ ka èsì méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó gé aṣọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé báńkì lè gba owó wọlé kí AVS sì mú N wá nígbà kan náà. AVS kì í dá owó dúró fúnra rẹ̀. Ó ń ròyìn fún ọlọ́jà ni, ọlọ́jà ló máa pinnu. Y ni pé nọ́ńbà ilé àti ZIP bára mu. Z ni pé ZIP nìkan ló bára mu, A ni pé nọ́ńbà ilé nìkan ni. Z kì í bà mí lẹ́rù púpọ̀, torí ó lè jẹ́ pé oníbàárà kó lọ sílé míì ládùúgbò kan náà tí kò tíì sọ fún báńkì, tàbí pé nọ́ńbà fúláàtì ló kọ́kọ́ tẹ̀. N pẹ̀lú ọjà olówó ńlá, ẹ dúró.

Ẹ fagi lé owó àkọ́kọ́ náà, kì í ṣe kí ẹ fi í sílẹ̀ lásán. Báńkì lè ti de owó náà mọ́ àkáǹtì oníbàárà, ó sì lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí i: «Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àdírẹ́sì tí ẹ tẹ̀ ò bá ti báńkì yín mu. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ padà sórí ìkànnì, kí ẹ fi àdírẹ́sì Houston yín san án.» Ó gbọ́dọ̀ tẹ CVV lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹ ò tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Obìnrin Houston yìí á tẹ 4218 àti 77083, èsì á di Y. Olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mú káàdì míì wá, tí orúkọ orí rẹ̀ yàtọ̀, òmíràn á tún tẹ̀ lé e, á sì máa kán yín lójú pé ọlọ́kadà ti wà ní Ṣàgámù tó ń dúró de ẹrù. Káàdì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má gé aṣọ.

Ibi tí agbára wọn pin sí

Bí gbájúẹ̀ bá ti tan olówó débi tó fi kó nọ́ńbà káàdì, CVV àti àdírẹ́sì fún un, M àti Y ló máa jáde. Ohun tó lè dí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kí báńkì olówó fúnra rẹ̀ béèrè OTP tàbí kó ní kí ó fọwọ́ sí i lórí fóònù. Tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó yín bá ní i, ẹ tan án fún káàdì òkèèrè.

Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni AVS ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹni tó wà ní Ìkòròdú bá fi káàdì báńkì Nàìjíríà san owó, ẹ lè rí U tàbí G. Ìyẹn kì í ṣe N: ó kàn ní báńkì ò dáhùn ìbéèrè náà ni. Ẹ má dá owó rẹ̀ padà nítorí ìyẹn. CVV àti OTP ni kí ẹ wò.