Èlé kọ́ ni èrè orí ìpín
Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni fún àwọn olùdókòwò òkèèrè tó ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹ má kọ “èlé” níbi tó yẹ kí ẹ kọ “èrè orí ìpín”. Ẹni tó yáni lówó ló ń gba èlé, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Ẹni tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́, èrè ló ń dúró dè. Tí ọ̀gá bá ní “ẹ óò máa gba èlé yín lọ́dọọdún”, ògbufọ̀ á sọ owó wọn di gbèsè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí iléeṣẹ́ ẹja wa bá jèrè, tí a sì kéde pé ká pín in, ẹ óò gba èrè orí ìpín yín.” Ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan lèyí wà fún o, ìwé àdéhùn, iṣẹ́ lọ́yà ni.