Bí ìró ọmọ odó ṣe bọ́ sórí fíréèmù tó yẹ

Nínú eré àwòrán kan nípa agboolé kan ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ìyá kan ń gúnyán. Fíréèmù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ odó kan iyán ní fíréèmù 37, 53 àti 69, ṣùgbọ́n ìró "gbì" ń fi fíréèmù méjì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ odó ti ń padà sókè kí etí tó gbọ́ ọ, ó wá fúyẹ́ bí igi ìṣáná.

Ká ní ìpẹ́ náà ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń lọ ni, à bá fura sí iye fíréèmù, bíi kí wọ́n fi 25 ṣe dípò 24. Ṣùgbọ́n fíréèmù méjì náà ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fẹ àwòrán ìró náà lójú: fífẹ́ aṣọ nígbà tí apá ń bọ̀ wálẹ̀ ló ṣáájú, góńgó ìró sì wà ní 0.083 ìṣẹ́jú àáyá sínú fáìlì. Fíréèmù méjì nìyẹn.

N kò gé iwájú rẹ̀ kúrò, torí òun ló ń fi agbára apá hàn. Fíréèmù 37 bẹ̀rẹ̀ ní 1.5 (36 ÷ 24), nítorí náà mo jẹ́ kí fáìlì bẹ̀rẹ̀ ní 1.417, ìyẹn fíréèmù 35. Góńgó ni kó bá ìkànlẹ̀ pàdé, kì í ṣe ẹnu fáìlì.

Fíréèmù 16 ló wà láàárín ìkànlẹ̀ méjì, nítorí náà ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní láti lù nígbà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Bí onílù bá lù ú ní 92, lẹ́yìn ìlù mẹ́fà ó ti fi fíréèmù méjì ṣáájú odó.