Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ní múrábáhà, àti ibi tí èrè bánkì ń gbà lọ

Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísù, pẹ̀lú jáàkì tí a fi ń fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́, ni mo fẹ́ rà fún ibi tí a ti ń ṣe gàrí ní Ìsẹ́yìn. Ní Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,950,000. Ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ìsẹ́yìn gba ₦50,000, nítorí náà ₦2,000,000 ni yóò ná ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà dúró ní ilé wa. Ọ̀nà múrábáhà ni mo gbà, ní bánkì tí kì í gba èlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé múrábáhà jẹ́ ẹ̀yáwó tí a kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ bí a bá ṣe é lọ́nà tí kò tọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, òwò ni: bánkì á ra ọjà náà, yóò di tirẹ̀, yóò sọ iye tó rà á fún mi, yóò sọ èrè tó fi lé e, èmi á sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn. Ohun tó ya àwìn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èlé ni pé bánkì ní ọjà kan lọ́wọ́, kódà fún ọjọ́ kan péré, tí òfò rẹ̀ sì lè já lé e lórí. Ojíṣẹ́ Ọlọ́run kọ̀ fún sàhábà rẹ̀, Hákíìmù ọmọ Hísáámù, pé kó ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìpele, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi: ta ni ó ni ẹ̀rọ yìí báyìí?

Ìṣòro àkọ́kọ́ ti dé kí n tó dé bánkì rárá. Àwọn wẹ́dà tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí kì í sábà ní í nílẹ̀. Bí o bá sanwó ni wọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí gé irin. Ẹ̀rọ tí a kò tíì ṣe kò ṣeé tà ní múrábáhà, nítorí pé kò sí ohun tí bánkì lè gbà sọ́wọ́. Irú ìyẹn ní àdéhùn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìstísínáà, níbi tí a ti ń kọ ìwọ̀n, irin tí wọ́n ó lò àti ọjọ́ tí wọn yóò kó o dé. Ó gùn jù fún ohun tí mo ń wá. Mo wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé kọ sínú ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba ìnfóìsì, mo sì rí i dájú pé orúkọ bánkì ló wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ mi ni ó wà níbẹ̀, èmi ni mo ra ọjà, owó lásán ni bánkì sì fún mi. Bákan náà ni bí mo bá ti san àsansílẹ̀ fún oníṣòwò náà fúnra mi. Bánkì tún béèrè bóyá ẹni tó ń tà á jẹ́ mọ̀lẹ́bí mi tàbí bóyá mo ní ìpín nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Bí ẹ̀rọ náà bá ti jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, tí mo wá tà á fún bánkì lówó ọwọ́ kí n lè tún rà á padà ní àwìn ní iye tó ga jù, owó la pààrọ̀ fún owó. Ẹ̀rọ náà kò kúrò níbi tó wà.

Ní bánkì, mo kọ ìwé ìlérí pé bí wọ́n bá rà á, èmi náà á rà á lọ́wọ́ wọn. Ìlérí ni, kì í ṣe rírà. Mo fi ₦400,000 sílẹ̀ láti fi hàn pé mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò tíì di owó ọjà ní àkókò yẹn. Bí mo bá yẹ ìlérí, bánkì lè yọ kìkì àdánù tó bá a gan-an, bíi bí wọ́n bá ní láti ta ẹ̀rọ náà ní iye tó kéré sí ohun tí wọ́n rà á. Ìyókù, tèmi ni.

Ibí ni mo ti jíròrò èrè. Bánkì kọ́kọ́ kọ ìdá 20 nínú 100 lórí ₦2,000,000, èyí tó jẹ́ ₦400,000. Mo sọ pé ₦400,000 ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ mi, owó tiwọn tó wọnú òwò náà kò ju ₦1,600,000 lọ. Wọ́n gbà, èrè sì di ₦320,000. Iye tí wọ́n ó tà á fún mi wá di ₦2,320,000. Nígbà tí a bá ra ọjà tán, ₦400,000 mi yóò di ara owó ọjà, ìyókù á jẹ́ ₦1,920,000, ìyẹn ₦160,000 lóṣooṣù fún oṣù 12. Ẹni tí kò bá béèrè á san ₦80,000 sí i lásán. Òwò ni èyí, a sì máa ń dúnàá-dúrà nínú òwò.

Ohun mìíràn tí mo ṣọ́ ni ẹ̀dínwó. Nítorí pé múrábáhà dúró lórí sísọ òtítọ́ nípa iye tí a rà á, bí oníṣòwò bá dín owó kù fún bánkì, iye tí a kọ gẹ́gẹ́ bí owó tí bánkì fi rà á gbọ́dọ̀ dínkù pẹ̀lú, kí èmi náà lè jẹ nínú rẹ̀.

Bánkì yàn mí ní aṣojú wọn láti lọ gba ẹ̀rọ náà. Wákálà ni orúkọ àdéhùn yìí, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti máa ń bàjẹ́ jù lọ. Ó dára jù kí bánkì rán òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ni aṣojú, méjì ni nǹkan tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìkíní, bánkì gbọ́dọ̀ sanwó tààrà sínú àkáǹtì oníṣòwò. Bí owó bá wọ àkáǹtì tèmi, mo lè fi san owó ilé ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìkejì, ẹ̀rọ náà kò tíì di tèmi títí tí a ó fi ṣe àdéhùn títà. N kò gbọ́dọ̀ rin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo títà pẹ̀lú rẹ̀.

Fún wákàtí tí ọkọ̀ fi wà lójú ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀rọ bánkì ni. Bí ọkọ̀ náà bá dojú dé, tí kò sì jẹ́ àìbìkítà mi, òfò bánkì ni, wọ́n á sì dá ₦400,000 mi padà. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an kí n tó fọwọ́ sí ìwé wákálà. Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ ó ṣì san gbogbo owó náà, a jẹ́ pé ẹ̀yáwó ni wọ́n ń fún yín.

Nígbà tó dé, a tanná sí ẹ́ńjìnnì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń yọ̀, nítorí pé púlì méjèèjì kò dọ́gba. Bí àléébù bá fara hàn kí n tó rà á, ọ̀rọ̀ bánkì àti oníṣòwò ni. Oníṣòwò náà ló wá tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo fi fọ́tò ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí bánkì pé ó ti dé. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn tà á fún mi ní ₦2,320,000, mo sì dáhùn pé mo rà á. Wákàtí tí ìdáhùn yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ náà di tèmi. Ẹ wo ọjọ́ àti wákàtí tó wà lórí àwọn ìwé yín dáadáa: bí ìwé títà bá ṣáájú rìsíìtì oníṣòwò, bánkì ti ta ohun tí kò tíì ní. Àwọn àáfáà tó ń yẹ ìwé bánkì wò lè yọ èrè irú òwò bẹ́ẹ̀ kúrò, kí wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe sàráà.

Láti ìgbà yẹn, gbèsè ni mo jẹ, gbèsè náà kò sì lè wú. Bí mo bá pẹ́ oṣù mẹ́ta, ₦2,320,000 náà ni owó ọjà. Owó ìjìyà wà nínú àdéhùn fún ẹni tó lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ san, àmọ́ sàráà ni wọ́n ń fi ṣe, kì í wọ àpò bánkì. Bí mo bá sì tètè san tán, bánkì lè dín in kù fún mi bí ó bá wù wọ́n. A kì í kọ ọ́ sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́.

Ẹ ó ti rí i pé kò sí pínpín èrè kankan láàárín èmi àti bánkì. Iye tí gàrí mi bá pa kò kàn wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fi owó pamọ́ sí bánkì náà ni pínpín èrè wà, ní àdéhùn tó ń jẹ́ mùdárábà: àwọn ló ni owó, bánkì ló ń fi ṣòwò. Ká ní àdéhùn wọn ni 60 fún olówó, 40 fún bánkì. Nínú ₦320,000 tí mo san lé e, ₦192,000 á lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó, ₦128,000 á kù fún bánkì. Èrè la ń pín sí 60 àti 40, kì í ṣe owó tí wọ́n kó wá. Bí òwò bá sì pàdánù láìsí àìbìkítà bánkì, olówó ló ni òfò náà, bánkì sì ti ṣiṣẹ́ lásán. Nítorí náà, àkáǹtì tó bá ṣèlérí náírà kan pàtó fún yín kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe mùdárábà.

Gbèsè mi yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sukúùkù, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹni tó rà á ní ìpín nínú ohun ìní kan, yé mi dáadáa. Bánkì kò lè ta ₦1,920,000 tí mo jẹ ẹ́ fún ẹlòmíràn ní ₦1,800,000, nítorí pé owó ló fi ń pààrọ̀ owó. Àmọ́ sukúùkù tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, tó jẹ́ bílíọ̀nù 100 náírà fún ọ̀nà ọkọ̀ 25, ṣeé tà lọ́jà, nítorí pé ìpín nínú àwọn ọ̀nà náà ló wà lẹ́yìn ìwé náà. Ìjárà ni àdéhùn rẹ̀: iléeṣẹ́ kan di ọ̀nà náà mú fún àwọn tó ra ìwé, ìjọba sì san owó ìyálò fún wọn ní ìdá 16.47 nínú 100 lọ́dọọdún, fún ọdún méje. Ẹni tó ra ₦10,000, iye tó kéré jù nígbà náà, gba ₦823.50 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ní ìparí, ní ọdún 2024, ìjọba ra ìpín náà padà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2013, bílíọ̀nù 10 náírà fún kíkọ́ ilé ìwé.

Iye ìyálò náà kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní èlé. Ní tèmi, ìbéèrè ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ náà ló yẹ ká bi í: ta ni ó ni ọ̀nà yẹn, ta ni òfò rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ bí àgbàrá bá gbé e lọ? Inú ìwé àlàyé tí wọ́n ń gbé jáde pẹ̀lú sukúùkù ni ìdáhùn wà, ní abala tó sọ̀rọ̀ nípa bí ohun ìní náà bá ṣègbé pátápátá. Abala yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.